Láti ₦45,000 Sí ₦80,000

Ìpolówó iṣẹ́ kan wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí kò tíì pa rẹ́ títí di òní. Ilé ìwé aládàáni kan ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Arámọ̀kọ ló gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Wọ́n ń wá olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí Ẹ́ńsíì, tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé owó oṣù jẹ́ ₦45,000 sí ₦80,000. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìpolówó náà wù wá, nítorí ọ̀pọ̀ ìpolówó tí à ń rí lágbègbè wa, láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, kì í dárúkọ owó rárá. "Owó oṣù tó fani mọ́ra" ni wọ́n máa ń kọ, láìsọ ẹni tí owó náà fà mọ́ra.

Nínú ilé wa lọ́jọ́ náà, ₦80,000 nìkan ni gbogbo wa gbọ́. Ìyá wa ní kí ẹ̀gbọ́n mi tètè lọ kí àwọn ẹlòmíràn tó gba iṣẹ́ náà. Èmi gan-an ti ń ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn mi pé bí ó bá lè máa fi ₦10,000 pamọ́ lóṣù, owó ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì mi yóò pé kí ọdún tó yí po. Kò sí ẹni tó fẹnu kan ₦45,000.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì gbà á. ₦45,000 ni wọ́n fún un. Nígbà tó bèèrè nípa ₦80,000, ọ̀gá tó ni ilé ìwé náà rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Àǹtí, ṣé a kọ ọ́ pé ₦80,000 ni a ó san ni? Ẹ tún un kà." Ó tún un kà. Ọ̀gá kò parọ́. Láti ₦45,000 ni wọ́n kọ.

Ìdáhùn yẹn ló bí ìbéèrè àròkọ mi yìí. Bí gbogbo ohun tí ènìyàn kọ sílẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, ṣé ó ṣì lè jẹ́ pé ó ti tan ẹni tó kà á jẹ? Àti pé, nígbà tí agbanisíṣẹ́ bá kọ nọ́ńbà méjì sínú ìpolówó, kí ni ó ṣèlérí gan-an fún ẹni tó ń wá iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀, torí òun ni àwọn ènìyàn rò pé ó dájú. Bí ẹni tó kọ ìpolówó kò bá tilẹ̀ ní í lọ́kàn láti san ti òkè, ó kéré tán, kò lè san ohun tó dín sí ti ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé, a rí i nínú rẹ̀ pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò, ₦35,000 ni wọn yóò máa san nínú wọn. A tún rí i pé ní oṣù kẹjọ, tí àwọn ọmọ bá wà ní ìsinmi gígùn, ààbọ̀ owó ni olùkọ́ yóò gbà. Oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ní ₦35,000 jẹ́ ₦105,000. Oṣù mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e ní ₦45,000 jẹ́ ₦360,000. Ààbọ̀ owó oṣù kẹjọ jẹ́ ₦22,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦487,500, bí a bá sì pín in sí oṣù méjìlá, ₦40,625 ló bọ́ sí lóṣù kan. Nọ́ńbà yìí kò sí níbì kankan nínú ìpolówó náà. Ó kéré sí èyí tó kéré jù nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé òfin kò ní kí owó oṣù tó kéré jùlọ jẹ́ ₦70,000 ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024, ìpolówó tiwa sì jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Olùkọ́ mẹ́rìnlá ló wà ní ilé ìwé náà, pẹ̀lú ọlọ́dẹ kan. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni tó wà ní àwọn ìlú wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà òfin kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Òfin kò sì ka ìpolówó sí ìlérí. Nínú òfin àdéhùn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó polówó kò tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ńṣe ló kàn ń pe ènìyàn pé kí wọ́n wá kí àwọn jọ dúnàá dúrà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ iye owó iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fún un ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ṣe é. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà sì ń bá wí. Ní kúkúrú, kí ènìyàn tó gba iṣẹ́, kò sí ohun tó fi dandan mú agbanisíṣẹ́ láti sọ iye tí yóò san.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ìpè sí ìdúnàádúrà ni ìpolówó, mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ta ni nínú wa tí kò mọ ìdúnàádúrà? Bí mo bá tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ọjà, ẹni tó ń ta iṣu á dá iye kan, ìyá mi á dá èyí tí kò tó ìdajì rẹ̀, wọn á jọ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹnì kejì parọ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé iye tí a kọ́kọ́ dá kì í ṣe iye tí a ó san.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ti ìpolówó yàtọ̀. Ní ọjà, ẹni tó ń tà ló ń dá iye tó ga, ẹni tó ń rà ló ń dá iye tó kéré. Níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ilé ìwé ló ń rà. Síbẹ̀ ilé ìwé ló dá iye méjèèjì. Ó dá ₦45,000 fún ara rẹ̀, ó sì tún dá ₦80,000 fún wa, bí ẹni pé àwa la sọ ọ́. Ó bá wa ná ọjà wa tán kí a tó dé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá dé ibẹ̀ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ná an, wọ́n sọ fún un pé ọjà ti parí, iye ìsàlẹ̀ ló bọ́ sí.

Kì í ṣe pé nọ́ńbà méjì burú fún ara rẹ̀ o. Àwọn bàbá wa ti ń lò ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìpolówó iṣẹ́. Bàbá mi ń dá oko iṣu, wọ́n sì máa ń gba alágbàṣe láti kọ ebè. Igba ebè ni a fi ń ka iṣẹ́ náà. Bí alágbàṣe bá bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń san lórí igba ebè, bàbá mi kò ní sọ iye kan ṣoṣo. Wọn á sọ pé láti iye báyìí sí iye báyìí ni, wọn á sì fi kún un pé, "Ó di ìgbà tí o bá rí ilẹ̀." Wọn á jọ lọ sí oko. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tí a gbin àgbàdo sí lọ́dún tó kọjá, tó rọ̀, iye ìsàlẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ igbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, tí gbòǹgbò kún inú rẹ̀ tàbí tó wà lára òkè bíi ti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, iye òkè ni. Alágbàṣe á fi ọkọ́ gbẹ́ ibi méjì mẹ́ta wò. Nígbà míràn wọn kì í gbọ́ ara wọn yé, á sì pa dà sílé. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kí alágbàṣe kan sọ pé bàbá mi tan òun. Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ní ìdí, ìdí náà wà nínú ilẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè fojú rí i.

Iṣẹ́ ìjọba náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 7 mọ̀ pé sítẹ́pù 15 ló wà nínú lẹ́fẹ́ẹ̀lì náà àti pé ọdọọdún ni òun yóò máa gun ọ̀kan, àyàfi bí wọ́n bá gbé òun ga kí òun tó dé orí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń lọ sí ìlú Ọba náà ń rí irú rẹ̀. Nínú àtẹ owó ọdún 2024 sí 2025 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpolówó nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba á kọ ọ́ pé £29,970 sí £36,483 lọ́dún. Ẹni tí kò bá bèèrè lè rò pé òun lè ná an dé òkè. Ṣùgbọ́n iye mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: £29,970 fún ẹni tí kò tíì lo ọdún méjì, £32,324 lẹ́yìn ọdún méjì, àti £36,483 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ohun tí nọ́ńbà òkè yẹn ń sọ ni pé bí o bá dúró fún ọdún mẹ́rin, yóò kàn ọ́. Bóyá ọdún tí nọ́ọ̀sì ti fi ṣiṣẹ́ ní Adó-Èkìtì yóò wà lára ọdún mẹ́rin yẹn, ohun tó yẹ kó bèèrè kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn.

Bí a bá fi wé ti alágbàṣe àti ti ìjọba, a ó rí ohun tí ìpolówó ilé ìwé náà kò ní. Kò sọ ohun tó ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ọdún, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí, torí Ẹ́ńsíì nìkan ni wọ́n ní àwọn ń wá. Nọ́ńbà méjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà láàárín wọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi òfin dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìpínlẹ̀ Kọlorádò bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú àwọn agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2021 pé kí wọ́n kọ owó sínú ìpolówó. Ìlú Níú Yọ́ọ̀kì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ti Níú Yọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn rí ìpolówó kan láti báǹkì ńlá tó ń jẹ́ Sítígúrúùpù tó ní owó iṣẹ́ náà jẹ́ láti dọ́là 0 sí mílíọ̀nù méjì dọ́là. Báǹkì náà ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, wọ́n sì tún un ṣe. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe náà wúlò fún wa, nítorí ó fi hàn pé ènìyàn lè kọ ìsàlẹ̀, kó kọ òkè, kó má sì tíì sọ ohunkóhun.

Àwọn tó kọ òfin Níú Yọ́ọ̀kì ti rò ó ṣáájú pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀. Wọn kò kàn ní kí agbanisíṣẹ́ kọ nọ́ńbà méjì. Wọ́n ní kó kọ iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù tí òun gbà ní òtítọ́ inú, lọ́jọ́ tí òun ń gbé ìpolówó jáde, pé òun yóò san fún iṣẹ́ náà. Gbólóhùn yìí ni mo rò pé ó dáhùn ìbéèrè mi. Ìlérí tó wà nínú nọ́ńbà òkè kì í ṣe pé ìwọ ni yóò gbà á. Ìlérí ibẹ̀ ni pé ẹnìkan wà, tí bí ó bá dé lónìí, òun ni a ó fún. Bí agbanisíṣẹ́ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó sì lè ṣàpèjúwe rẹ̀, kò tan ẹnikẹ́ni, bí èmi tí mo kà á bá tilẹ̀ gba ti ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, a jẹ́ pé ó fi òótọ́ hun irọ́.

Báwo ni a ó ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn? Ọ̀nà kan tó rọrùn ni láti wo ẹni tó ń gba iye òkè náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ìlà kan wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tó sọ pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ iye owó oṣù rẹ̀ fún olùkọ́ míràn. Kí n sòótọ́, àwa náà ń bá wọn ti ilẹ̀kùn yẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá bi àgbà ní iye tó ń gbà lóṣù, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó di ìgbà Kérésìmesì kí olùkọ́ kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ tó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi pé igbákejì ọ̀gá, tó ti lo ọdún mẹ́jọ tó sì ní dígírì, ₦58,000 ni wọ́n ń gbà. Kò sí ẹlòmíràn tó jù wọ́n lọ. ₦80,000 kò ní olówó kankan ní ilé ìwé náà.

Ibí ni mo fẹ́ fi àròkọ yìí parí sí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé òun yóò lọ lẹ́yìn ìsinmi, ọ̀gá ilé ìwé náà pè é jókòó, wọ́n sì ṣí ìwé ìṣirò owó wọn fún un. Ọmọ 160 ló wà níbẹ̀, ₦18,000 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń san ní táàmù kan. Bí gbogbo òbí bá san án pé, ₦2,880,000 ni. Táàmù kan, bí a bá ka ìsinmi mọ́ ọn, jẹ́ oṣù mẹ́rin, nítorí náà ₦720,000 ló wà fún oṣù kan. Owó olùkọ́ mẹ́rìnlá lóṣù jẹ́ ₦644,000. ₦76,000 ló kù fún ṣọ́ọ̀kì, òrùlé tó ń jò àti ọlọ́dẹ. Àwọn òbí tí kì í san owó pé kò sì kéré.

Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ₦80,000 yóò ti wá nígbà náà?" Ọkùnrin náà ní bí olùkọ́ tó dáńgájíá bá dé, àwọn òbí yóò kó ọmọ wá sí i, àwọn yóò sì rí owó náà san. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò jọ pé wọ́n ń parọ́. Èmi náà gbà pé ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn. Síbẹ̀, ìrètí ni wọ́n ń sọ. Mo lè retí pé n ó gba A mẹ́sàn-án nínú Wáẹ́ẹ̀kì, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé mo ti gbà á, a ó lé mi kúrò ní yunifásítì. Bí ìrètí bá dà rú, ẹni tó kọ ìpolówó kọ́ ló ń san án. Ẹni tó kà á tó sì fi iṣẹ́ míràn sílẹ̀ torí rẹ̀ ló ń san án. Ẹ̀gbọ́n mi kọ iṣẹ́ ìtajà oògùn kan ní Ìjerò sílẹ̀, ₦50,000 ni wọn ì bá máa san fún un níbẹ̀.

Ohun tó tún dùn mí ni pé ìwé ìṣirò yẹn ì bá ti jẹ́ ìpolówó tó dára ju èyí tí wọ́n gbé jáde lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá ti sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ₦45,000 ni, pé báyìí ni owó ṣe ń wọlé, òun ì bá tún ro ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta yẹn wù ú. Ọ̀gá bẹ̀rù pé bí òun bá kọ iye tòótọ́, kò sí ẹni tí yóò wá. Mo gbà pé ẹ̀rù náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó fi ₦80,000 fà wá, kò lo ju ọdún kan lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìpolówó míràn tún dé sórí Wáásáàpù. Ilé ìwé kan ni, owó oṣù jẹ́ ₦50,000 sí ₦90,000. Ìyá wa tún ní kí ẹ̀gbọ́n mi tètè lọ. Kò lọ, ó pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn tó kí wọn tán, ó bèèrè bóyá owó àkókò ìdánwò àti ti ìsinmi wà nínú iye náà, obìnrin tó gbé fóònù sì dáhùn ìyẹn láìjanpata. Ó wá bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú àwọn olùkọ́ yín báyìí, ṣé ẹnìkan wà tó ń gba ₦90,000? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun yóò bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, òun á sì pè wá pa dà. A ṣì ń retí ìpè náà.